Kí Ẹ Tó Tẹ 이체: Ohun Tó Wà Lójú Ìwé Tí Báǹkì Kòríà Ń Gbé Síwájú Yín

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ wá tààrà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. N kò ní pẹ́ lórí ìkíni, nítorí ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò kò ju ojú ìwé kan ṣoṣo lọ. Ojú ìwé tí áàpù báǹkì máa ń gbé síwájú ẹni ni, lẹ́yìn tí a bá ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì àti iye owó tán, tó kù díẹ̀ kí owó jáde. Wọ́n sábà máa ń kọ 이체 정보 확인 sí òkè rẹ̀, tàbí ohun tó jọ ọ́: ẹ yẹ ọ̀rọ̀ owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ wò. Púpọ̀ nínú wa kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Bọ́tìnì aláwọ̀ tó wà nísàlẹ̀, 이체, ìyẹn kí owó máa lọ, la mọ̀, òun la ó sì máa tẹ̀ títí a ó fi rí 완료, pé ó ti parí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ arábìnrin wa kan bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ní Áńsàn, ó sì rí yàrá kan tó fẹ́ gbà. Owó ìdúró tí wọ́n ń pè ní 보증금 jẹ́ 3,000,000 wóònù, wọ́n sì ní kí ó kọ́kọ́ san ìdá kan nínú mẹ́wàá, 300,000, kí wọ́n má baà gbé yàrá náà fún ẹlòmíràn. Owó àkọ́san yìí ni 계약금. Alágbàtà fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí i lórí 카카오톡. Ó dà á kọ sínú áàpù, ó tẹ iye owó, ó sì tẹ bọ́tìnì tó ní kí ó máa lọ. Ohun tó jáde sí i nìyí, àfi pé mo ti bo orúkọ àti nọ́ńbà:

```
이체 정보 확인

받는 분            김○○
입금계좌           ○○은행 ***-**-****78
이체금액           300,000원 (30만원)
수수료             0원
이체일시           즉시
받는 분 통장 표시   ADEOLA
내 통장 표시        김○○

[취소]   [추가이체]   [이체]
```

Ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?" Kí n tó dá a lóhùn, mo bi í léèrè ohun kan: ta ni onílé náà? Orúkọ tó wà nínú ìwé àdéhùn tí alágbàtà fi hàn án, 박 ló bẹ̀rẹ̀. Ti ojú fóònù, 김 ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ti wà nínú ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Ẹ padà wo ojú ìwé náà. Nọ́ńbà àkáǹtì, òun ló tẹ̀ ẹ́. Orúkọ báǹkì, òun ló yàn án. Iye owó, òun náà ni. Báǹkì kàn ń dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un ni, bíi dígí. Bí a bá yọ owó iṣẹ́ báǹkì kúrò, tó jẹ́ òdo níbí, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lójú ìwé yẹn tí kò ti ọwọ́ rẹ̀ wá: orúkọ tó wà níwájú 받는 분. Nínú áàpù mìíràn, 예금주 ni wọ́n máa kọ síbẹ̀, ìyẹn ẹni tó ni àkáǹtì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orúkọ náà ṣe dé ibẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tẹ 다음 tàbí 확인 ní ojú ìwé tó ṣáájú, owó kò tíì mira. Ìbéèrè ni báǹkì yín fi ránṣẹ́, ó gba ojú ọ̀nà tí 금융결제원 fi so gbogbo báǹkì orílẹ̀-èdè náà pọ̀, ó dé báǹkì tí ẹ yàn, ó ní: nọ́ńbà yìí, ti ta ni? Báǹkì ọ̀hún wo ìwé tirẹ̀, ó sì dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá sí àkáǹtì bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní kí ẹ yẹ nọ́ńbà náà wò, ẹ kò sì ní lè tẹ̀síwájú. Bí ó bá wà, orúkọ tí wọ́n fi ṣí i ni yóò jáde. Kì í ṣe ìnagijẹ, kì í ṣe orúkọ tí alágbàtà pe ara rẹ̀ fún yín. Ẹni tó gbé káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ sí báǹkì ní ọjọ́ tí ó ṣí àkáǹtì náà ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, tí ẹ fi 6 sí ipò 9, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀, áàpù kò ní pariwo. Gbogbo nǹkan yóò lọ geere. Orúkọ yẹn nìkan ni yóò yàtọ̀.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé àwọn kò lè ka Háńgùlì, pé báwo làwọn ṣe fẹ́ fi orúkọ wé orúkọ. Ẹ kò nílò kí ẹ lè kà á. Orúkọ àwọn ará Kòríà sábà máa ń jẹ́ àmì mẹ́ta. Ẹ ní kí ẹni tó fún yín ní nọ́ńbà kọ orúkọ tó wà lórí àkáǹtì náà ránṣẹ́ pẹ̀lú Háńgùlì, kí ẹ wá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ wò ó bí ẹni ń wo ilà ojú. Àmì àkọ́kọ́, àmì kejì, àmì kẹta. Bí ẹyọ kan kò bá jọra, ẹ dúró.

Tí ó bá jẹ́ ọmọ wa lẹ fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀ díẹ̀. Bí orúkọ ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà ni báǹkì ṣe máa ń kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, orúkọ ìdílé ló sì máa ń ṣáájú. Àyè orúkọ náà kò gùn, orúkọ tiwa sì gùn. Nítorí náà ẹ lè rí ADEYEMI OLUWADAM kí ó dúró síbẹ̀, láìsí ìyókù. Kò túmọ̀ sí pé àkáǹtì ayédèrú ni. Àyè ló tán. Ẹ fi ohun tó hàn wé ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹni náà, kí ẹ sì pè é lórí fóònù bí ọkàn yín kò bá balẹ̀.

Bí ẹ bá rí (주) níwájú tàbí lẹ́yìn orúkọ, kọ́ńpìnì ni. Bí ó bá jẹ́ owó ilé ìwé tàbí ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ń san sínú nọ́ńbà tí wọ́n ṣẹ̀dá fún ìsanwó kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní 가상계좌, orúkọ ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìwé ló yẹ kí ó jáde, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ ẹ̀yin fúnra yín. Bí orúkọ ènìyàn kan tí ẹ kò mọ̀ rí bá jáde níbi tó yẹ kí orúkọ ilé ìwé wà, ẹ má san án.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí agbára orúkọ yìí mọ. Ó ń sọ ẹni tó ni àkáǹtì fún yín. Kò sọ bóyá olóòótọ́ ni ẹni náà. Ní Kòríà, àwọn kan máa ń ta àkáǹtì wọn tàbí kí wọ́n yá a fún àwọn gbájúẹ̀. Irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 대포통장, orúkọ ẹni gidi ló sì wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí orúkọ náà kò fi wúlò fúnra rẹ̀ àyàfi bí a bá ní ohun mìíràn tí a lè fi wé e, ohun tí kì í ṣe ẹni tó ń béèrè owó ló fún wa. Fún ọ̀rọ̀ ilé, ohun náà wà: ìwé ìjọba tó ń sọ ẹni tó ni ilé, 등기부등본. Ẹnikẹ́ni ló lè wò ó lórí 인터넷등기소, 700 wóònù ni owó wíwò rẹ̀. Orúkọ onílé inú ìwé yẹn, orúkọ inú ìwé àdéhùn, àti orúkọ ojú fóònù, ọ̀kan náà ló yẹ kí wọ́n jẹ́.

Mo fẹ́ fi ìka tọ́ nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa gan-an. Ẹnìkan á ní òun ń ra wóònù, òun á sì fi náírà san fún màmá yín ní Ìbàdàn. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà tó fún yín, orúkọ ará Kòríà tí ẹ kò mọ̀ rí á jáde. Ẹ bi í, á ní ọ̀rẹ́ òun ni. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀nà yìí kò bá òfin pàṣípààrọ̀ owó Kòríà mu, 환치기 ni wọ́n ń pè é, ó sì ní ewu mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé owó tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló ń gba inú àkáǹtì yẹn kọjá, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ kan, báǹkì lè ti àkáǹtì yín pa pẹ̀lú 지급정지, owó oṣù yín á sì há síbẹ̀. Orúkọ àjèjì yẹn ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, ó sì tún lè jẹ́ ìkẹyìn.

Ó di orí iye owó. Àwọn ará Kòríà kì í fi ẹgbẹ̀rún ka owó. Ẹgbàárùn-ún ni wọ́n fi ń kà á, ìyẹn 10,000, òun ni wọ́n ń pè ní 만. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí kò yẹ kí ó yà á lẹ́nu, àwọn baba wa náà ní ọ̀kẹ́ tiwọn, 20,000, òun ni wọ́n fi ń ka owó ńlá. 만 méjì ni ọ̀kẹ́ kan. Nítorí náà 30만원 jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 300만원 sì jẹ́ àádọ́jọ ọ̀kẹ́. Lójú ẹni tí oorun ń kùn, 30만 àti 300만 jọra púpọ̀.

Ojú ìwé tí a ti ń tẹ iye owó ni àṣìṣe yìí ti ń wọlé. Áàpù máa ń to àwọn bọ́tìnì kéékèèké síbẹ̀: +1만, +5만, +10만, +100만, àti 전액. Ẹ wo àmì àròpọ̀ tó wà níwájú wọn. Bọ́tìnì wọ̀nyí kì í kọ iye owó, wọ́n ń fi kún un ni. Bí ẹ bá tẹ +10만 lẹ́ẹ̀mẹta, 300,000 ni. Bí ìka bá yẹ̀ sí +100만 lẹ́ẹ̀mẹta, 3,000,000 ni. Bí ẹ bá ti tẹ 5만 sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ gbàgbé, ó wà nínú rẹ̀. 전액 ní tirẹ̀ túmọ̀ sí gbogbo owó tó wà nínú àkáǹtì, kò ṣẹ́ ku kọ́bọ̀. Ní ojú ìwé ìkẹyìn, ẹ ka àwọn kọ́mà tó wà láàárín àwọn nọ́ńbà. Kí ẹ tún ka èyí tí wọ́n fi 만 kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí áàpù yín bá ń kọ ọ́. Ọ̀nà méjì tí wọ́n fi kọ iye kan ṣoṣo nìyẹn, ojú tó bá fo ọ̀kan lè rí èkejì.

Ìlà méjì tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọwọ́ kàn rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn ni mo nífẹ̀ẹ́ jù láti ṣàlàyé. 받는 분 통장 표시 jẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú tí yóò hàn nínú ìwé àkáǹtì ẹni tí owó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. 내 통장 표시 jẹ́ èyí tí yóò hàn nínú tiyín. Bí ẹ kò bá kọ nǹkankan sí ti àkọ́kọ́, orúkọ yín ni báǹkì yóò fi síbẹ̀. Bí ẹ bá kọ nǹkan, ohun tí ẹ kọ ni yóò lọ. Ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún owó yàrá, ẹ pa orúkọ yín rẹ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà yàrá síbẹ̀, bíi 302호. Onílé tó ní yàrá ogún, tí ó sì rí ADEYEMI OLU, kò mọ ẹni tó san. Nígbà tí ó bá wá kan ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù pé ẹ kò tíì san, ẹ̀bi yín kọ́, tirẹ̀ náà kọ́. Tí ẹ bá ra ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́, wọn yóò béèrè 입금자명, orúkọ ẹni tó ń san. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ àti ohun tí ẹ kọ sí 받는 분 통장 표시 gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, owó yóò dé, ọjà kò ní gbéra, nítorí ẹ̀rọ wọn kò rí ẹni tí owó náà jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Bí ẹ̀yin bá lè kọ ohunkóhun síbẹ̀, ẹlòmíràn náà lè kọ ohunkóhun sínú tiyín. Orúkọ tí ẹ rí pé ó fi owó ránṣẹ́ sí yín kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà ló rán an. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí gbogbo yín ti rí ni 1원 인증. Nígbà tí ẹ fẹ́ so àkáǹtì yín mọ́ áàpù tuntun, wọ́n á fi wóònù kan péré ránṣẹ́ sí yín, ní ipò orúkọ ẹni tó rán an, nọ́ńbà díẹ̀ ló sábà máa ń wà níbẹ̀, tí ẹ ó tẹ̀ padà fún wọn. Ìlà yìí kan náà ni wọ́n lò. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá pè yín pé wóònù kan wọ àkáǹtì yín, kí ẹ jọ̀ọ́ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún òun, ẹ má kà á. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni àkáǹtì.

Lórí àsìkò, n kò ní pẹ́. 즉시 ni lójú ẹsẹ̀. Ní Kòríà, lójú ẹsẹ̀ túmọ̀ sí lójú ẹsẹ̀ gan-an, yálà alẹ́ ni tàbí ọjọ́ Àìkú, àfi ní àyíká agogo méjìlá òru tí àwọn báǹkì máa ń ti ìwé ọjọ́ kan kí wọ́n tó ṣí òmíràn. 예약 ni pé ẹ yan ọjọ́ tí owó yóò jáde. Owó kò tíì kúrò lọ́wọ́ yín títí ọjọ́ náà yóò fi pé, bí owó inú àkáǹtì kò bá sì tó ní ọjọ́ náà, kò ní lọ. Mo mọ ẹni tó ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, tó rí ojú ìwé pé ó ti forúkọ sílẹ̀, tó sì rò pé òun ti san owó yàrá.

Ẹ̀kẹta ni 지연이체, èyí kò sì sí lójú ìwé àyàfi bí ẹ bá lọ béèrè fún un nínú áàpù tàbí ní báǹkì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2015 ló ti wà. Bí ẹ bá gbà á, owó tí ẹ fi ránṣẹ́ kò ní dé títí wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, ẹ sì lè fagi lé e títí tó fi ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó dé. Mo gba ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ìdúró ilé tàbí owó ọkọ̀ ránṣẹ́ níyànjú pé kí ẹ gbà á. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ tí ẹ fi lè ronú pìwà dà kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ó kan àwọn bọ́tìnì. 취소 ni kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ní ojú ìwé yìí kò sí owó tó ti jáde, kò sí ìtanràn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kan náà kò lè dá owó padà lẹ́yìn tí 완료 bá ti jáde. 이전 ní tirẹ̀ kàn ń mú yín padà sí ojú ìwé tó ṣáájú, kí ẹ lè tún nǹkan ṣe.

추가이체 ni èyí tó mú mi rí. Ó túmọ̀ sí pé ẹ fẹ́ fi owó mìíràn kún èyí tí ẹ ti tò sílẹ̀, kí ẹ lè fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi rí 이체 nínú ọ̀rọ̀ náà, mo sì rò pé òun ni bọ́tìnì tó ń rán owó lọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé òfìfo jáde. Mo rò pé fóònù ló pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo bá tún gbogbo rẹ̀ kọ: onílé kan náà, 400,000 kan náà. Ìkìlọ̀ kan fò jáde, ó gùn, n kò kà á, mo tẹ 확인. Mo mọ̀ lónìí pé ohun tó sọ ni pé ẹ ti ní owó kan náà sí àkáǹtì kan náà, ṣé ẹ fẹ́ máa bá a lọ? Ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ó wà níbẹ̀ gedegbe, 총 2건, 800,000원. Mo ka orúkọ onílé, ó tọ̀nà. Mo fọwọ́ sí i. Onílé mi jẹ́ ènìyàn rere, ó dá ọ̀kan padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jẹ ráìsì funfun. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí 건, nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń kà. Iye ìgbà tí owó yóò jáde ló ń sọ.

Bọ́tìnì ìkẹyìn, 이체 tàbí 보내기 tàbí 확인, kì í sábà rán owó fúnra rẹ̀. Ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn ìfọwọ́sí ni: nọ́ńbà àṣírí mẹ́fà, ìtẹ̀ka, ojú yín, tàbí OTP bí owó bá pọ̀. Ibi tí owó ti ń jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí bí ẹ bá ti jẹ́ kí fóònù máa dá ojú yín mọ̀, ìfọwọ́sí náà lè parí kí ẹ tó mí. Fún irú àwọn fóònù bẹ́ẹ̀, bọ́tìnì yẹn ni òpin.

Bí ó bá ti lọ ńkọ́? Bí ó bá dé àkáǹtì ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ nítorí àṣìṣe yín, báǹkì kò lè wọ inú àkáǹtì náà kí ó yọ ọ́ fún yín. Lábẹ́ òfin Kòríà, owó náà ti wọ àkáǹtì onítọ̀hún, ẹ̀yin sì ní ẹ̀tọ́ láti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ pe báǹkì yín, kí wọ́n bá yín bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbà, ẹ lọ sí 예금보험공사, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí ènìyàn fi sí báǹkì. Láti oṣù keje ọdún 2021 ni wọ́n ti ń bá ènìyàn gba irú owó bẹ́ẹ̀, láti 50,000 wóònù lọ sókè, ìwọ̀n tó ga jù sì ti di 100,000,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọdún kan kọjá lórí rẹ̀, wọn yóò sì yọ owó tí wọ́n ná lórí ìgbàpadà náà kí wọ́n tó fún yín ní ìyókù.

Bí ó bá jẹ́ gbájúẹ̀ ni, ọ̀nà yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ pe ọlọ́pàá ní 112 tàbí báǹkì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n ṣe 지급정지 sí àkáǹtì tó gba owó. Kí ni ìdí tí mo fi ní lójú ẹsẹ̀? Bí owó tó wọlé lẹ́ẹ̀kan bá tó 1,000,000 wóònù, ẹni tó gbà á kò lè fi ẹ̀rọ ATM fà á jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ni àǹfààní yín. Àwọn gbájúẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí ẹ rán an ní 990,000, 990,000.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ arábìnrin wa. Ó tẹ 취소. Ó wo 등기부등본, orúkọ 박 ló wà níbẹ̀. Ó bi alágbàtà léèrè, ìyẹn ní àkáǹtì ìyàwó onílé ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. A ò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n arábìnrin wa dá a lóhùn pé orúkọ onílé nìkan ni òun yóò san owó sí. Ó gbà tó wákàtí kan kí nọ́ńbà mìíràn tó dé. Ó tẹ̀ ẹ́, 박○○ jáde, àmì mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Ó yí 받는 분 통장 표시 sí nọ́ńbà yàrá, ó fi 300,000 ránṣẹ́, ó sì tọ́jú 이체확인증, ìwé ẹ̀rí tí áàpù máa ń fúnni lẹ́yìn 완료.

Ní ọjọ́ tí yóò kó wọlé, ìyókù 2,700,000 ni yóò san. Ó ka gbogbo rẹ̀, ó tẹ 이체, áàpù sì ní 1일 이체한도 초과, pé owó náà ti kọjá iye tó lè jáde lójúmọ́. Ẹ̀rù bà á, ó pè mí. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Àkáǹtì tí àwa àjèjì máa ń kọ́kọ́ ní ni 한도제한계좌, tí wọ́n fi òté sí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, 1,000,000 lójúmọ́ ló lè gba orí fóònù jáde nínú rẹ̀, 3,000,000 sì ni níwájú òṣìṣẹ́ báǹkì. Mo ní kí ó gbé káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ àti ìwé àdéhùn lọ sí báǹkì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́rin. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ló ń tẹ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin kò rí ojú ìwé kankan. Mo ní kí ó sọ gbólóhùn kan péré fún un kí ó tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn: "예금주 이름이 뭐예요?", ìyẹn, kí ni orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì náà? Òṣìṣẹ́ náà ka orúkọ náà fún un, ó tún kọ ọ́ sórí bébà kékeré. Ó gbé bébà náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé àdéhùn rẹ̀, ó wò ó, ó sì ní kí wọ́n máa san án lọ.